Switch Wà Nínú Dọ́ọ̀kì, Tẹlifíṣọ̀n Ò Rí I

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ṣe Nintendo Switch fún. Láti oṣù kẹta ọdún 2017 tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan ti gbé e jáde ni tọmọdé tàgbà ti ń gbé e lọ́wọ́ gbá géèmù nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá sì délé, wọ́n á kì í bọ inú dọ́ọ̀kì, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tó bá a wá, kí àwòrán lè kúrò lójú rẹ̀ tó kéré bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n tó tóbi. Láàárín ìkúrò àti ìbọ́sí yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n ti ki ẹ̀rọ bọ dọ́ọ̀kì, wọ́n ti fi rímóòtù yí tẹlifíṣọ̀n sí HDMI, ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju No Signal lọ.

Ohun tí mo máa ń rí lẹ́yìn náà kì í dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n á fa gbogbo wáyà yọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ kì padà. Ẹnìkan á ní tẹlifíṣọ̀n ló ti kú, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n sáré lọ ra wáyà HDMI tuntun, ẹ̀kẹta á ti máa wá nọ́ńbà ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Owó á jáde, àwòrán ò ní jáde. Bẹ́ẹ̀ Switch fúnra rẹ̀ ti ń sọ ibi tí nǹkan ti wọ́, láìjẹ́ pé èèyàn tú ìṣó kan.

Ibi méjì ni ẹ ó wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Èkíní ni ojú ẹ̀rọ náà tó yọrí díẹ̀ nínú dọ́ọ̀kì. Èkejì ni iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ iwájú dọ́ọ̀kì, tí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nítorí pé kì í hàn àfi tó bá tàn. Ẹ tan Switch kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kí ojú rẹ̀ máa mọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé wáyà HDMI wọlé ṣinṣin ní ìhà méjèèjì, àti pé tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Ẹ wá rọra ki ẹ̀rọ wọlé títí yóò fi jókòó dáadáa, kí ẹ sì máa wò ó.

Bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ojú ẹ̀rọ á ṣú, iná aláwọ̀ ewé á sì tàn. Ohun tí èyí ń sọ ni pé Switch ti fi àwòrán ránṣẹ́, ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣì wá ń kọ No Signal, ẹ má wulẹ̀ yẹ ṣájà tàbí ẹ̀rọ wò mọ́, àárín dọ́ọ̀kì sí tẹlifíṣọ̀n ni nǹkan wà. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹ̀rọ bá ṣì ń mọ́lẹ̀ nínú dọ́ọ̀kì, tí iná yẹn kò sì tàn, àwòrán kò tíì kúrò nílé. Tẹlifíṣọ̀n kò mọwọ́mẹsẹ̀. Iná mànàmáná tó ń wọlé, dọ́ọ̀kì, tàbí ojú ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni kí a bi. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ti pín wàhálà sí méjì, ó sì ti sọ ìdajì rẹ̀ nù.

Ohun kan lè tan èèyàn jẹ níbẹ̀. Bí Switch bá ti sùn kí ẹ tó kì í bọ dọ́ọ̀kì, ojú rẹ̀ á ṣú, iná kò sì ní tàn, kì í ṣe àìsàn. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń tan ẹ̀rọ, tó wà lókè rẹ̀, kó jí. Bí bátìrì bá sì ti gbẹ pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀ lórí iná fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ iná mànàmáná ni pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹjọ́ tí mo ti rí wà, ó sì jẹ́ ibi tí ojú kì í tètè lọ. Switch kò ní ihò HDMI kankan lára. Ihò kan ṣoṣo ló ní nísàlẹ̀, ihò USB-C, irú èyí tó wà lára fóònù ayé òde òní. Ibẹ̀ náà ni iná ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni àwòrán ń gbà jáde. Dọ́ọ̀kì ló ń gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń yí i padà sí irú tí wáyà HDMI lè gbé. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ, dọ́ọ̀kì àti ṣájà á kọ́kọ́ dúnàádúrà bí oníbàárà àti ọlọ́jà. Ṣájà á sọ iye iná tó lè fún wọn, wọn á sọ iye tí wọ́n fẹ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Iye tí wọ́n ń fẹ́ kò le láti rántí. Ẹ yí ṣájà Switch àkọ́kọ́ padà, èyí tí wọ́n kọ HAC-002 sí lára, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ OUTPUT pé ìwọ̀n méjì ló lè fún ẹ̀rọ: 5V 1.5A àti 15V 2.6A. Ìwọ̀n kékeré, fólìtì 5, lè fi iná sínú bátìrì bí fóònù ṣe ń gbà á, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í jáde lọ sójú tẹlifíṣọ̀n àfi tí fólìtì 15 bá wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí Switch bá wà nínú dọ́ọ̀kì, ó máa ń ṣe iṣẹ́ ju ti ìgbà tó wà lọ́wọ́ lọ. Lójú ara rẹ̀, àwòrán 720p ló ń yà. Lójú tẹlifíṣọ̀n ó lè ya 1080p, iye àmì tó ń tò sójú á sì fi ju ìlọ́po méjì lọ. Dọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ náà nílò iná fún iṣẹ́ tirẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó máa fi bátìrì ṣe é.

Ìyá kan ládùúgbò wa ní Ìbàdàn ní Switch tí àbúrò rẹ̀ gbé wá fún àwọn ọmọ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣájà tó bá a wá bàjẹ́, wọ́n sì fi ṣájà fóònù rọ́pò rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ bá ihò dọ́ọ̀kì mu. Láti ọjọ́ náà ni tẹlifíṣọ̀n kò ti rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti ra wáyà HDMI tuntun nígbà tí ìyá náà fi ní kí n wá bá wọn wò ó.

Mo kọ́kọ́ ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ki ẹ̀rọ bọ dọ́ọ̀kì lójú mi. Ojú Switch kò ṣú, iná aláwọ̀ ewé kò tàn. Mo ní ṣájà ni mo fura sí. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ṣájà o. Ẹ wò ó, ó ń gba iná." Òótọ́ ló sì sọ, àmì bátìrì tó ń gba iná hàn kedere lókè ojú ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣi gbogbo ayé lọ́nà nìyẹn. Pé ẹ̀rọ ń gba iná kò túmọ̀ sí pé iná tó ń gbà tó fún àwòrán. A yí ṣájà fóònù náà padà, a ka ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí OUTPUT ni 5V 3A àti 9V 2.77A. Ó tó, ó ṣẹ́ kù fún fóònù. Ṣùgbọ́n kò sí 15V níbẹ̀ rárá, nítorí náà ìdúnàádúrà kò lè parí, bó ti wù kí wọ́n ki í bọ̀ ọ́ tó.

Ìyá náà ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo ṣájà USB-C. A ka tirẹ̀ náà, a rí 15V 3A láàárín àwọn ìwọ̀n tó kọ síbẹ̀. A fi í sínú dọ́ọ̀kì, a ki Switch padà. Ojú ẹ̀rọ ṣú lọ́gán, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Àwọn ọmọ hó yèè, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ṣì ń kọ No Signal.

Àṣìṣe méjì ló ti wọnú ara wọn níbẹ̀, èyí ni kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń fa gbogbo wáyà yọ lẹ́ẹ̀kan náà mọ ibi tí òun dé. Ṣùgbọ́n iná ti tàn báyìí. A ò ní í padà sórí ṣájà mọ́, òde dọ́ọ̀kì ló kù. Dikódà tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, èyí tó túmọ̀ sí pé wáyà HDMI rẹ̀ dára, ihò tó wọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà sì dára. A yọ wáyà náà lára dikódà, a kì í bọ ibi tí wọ́n kọ HDMI OUT sí nínú dọ́ọ̀kì, a jẹ́ kí ìhà kejì rẹ̀ wà níbi tó wà lára tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán yọ.

Ẹlẹ́bi kejì wá di wáyà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Láti mọ̀ bóyá ó ti kú pátápátá tàbí kò lágbára ni, a yọ Switch nínú dọ́ọ̀kì, a ṣí System Settings, a lọ sí TV Settings, a sì yí TV Resolution kúrò ní Automatic sí 720p. Nígbà tí a fi wáyà tuntun yẹn gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, àwòrán yọ. A gbé e sí 1080p, ó ń já, ó ń ṣẹ́jú, ó sì lọ. Wáyà tí kò nípọn nínú lè gbé ẹrù 720p kó má lè gbé ti 1080p, nítorí ohun tó ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá ti di ìlọ́po méjì. Wáyà àkọ́kọ́ tó bá Switch wá láti Lọ́ńdọ̀nù wà nínú àpò kan lábẹ́ àga, kò ní àrùn kankan lára. Wọ́n dá a padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ra ṣájà tó ní 15V. Owó wáyà tuntun yẹn ló dùn mí, nítorí ìṣẹ́jú kan péré tí èèyàn bá fi wo iná dọ́ọ̀kì ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ná an.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìdí iná, nítorí ṣájà tó jẹ́ ti Switch gan-an náà lè di kùnrùngbùn. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú irú ṣájà bẹ́ẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ pa nígbà tí iná bá ṣe ségesège. Ẹ mọ bí NẸ́PÀ ṣe ń mú iná wá nílẹ̀ wa, àti bó ṣe ń rí nígbà tí a bá ń yí kúrò lórí jẹnẹrétọ̀. Ó lè ti ara rẹ̀ pa kó má ṣí mọ́ níwọ̀n ìgbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ìtọ́jú tí Nintendo fúnra wọn ń sọ fún àwọn oníbàárà kò le: ẹ yọ ṣájà lára ògiri, ẹ yọ ọ́ lára dọ́ọ̀kì pẹ̀lú, ìhà méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀ fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú àáyá. Ìhà méjèèjì ni kókó, nítorí bí ìhà kan bá ṣì wà níbi tó wà, iná tó kù nínú rẹ̀ kì í gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ kì í tààrà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, kì í ṣe ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tàbí sítábíláísà. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ẹ lè dá sítábíláísà padà, kí ẹ sì wò ó bóyá òun ló ń da nǹkan rú.

Kí ìyẹn náà tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ pa Switch fúnra rẹ̀ pátápátá, ẹ má kàn mú un sùn. Bọ́tìnì òkè tó ń tan ẹ̀rọ ni ẹ ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí 12 ìṣẹ́jú àáyá títí yóò fi kú, lẹ́yìn náà ẹ tún un tàn. Ẹ̀rọ tí a ń mú sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìpa á rí lè máa rántí ìdúnàádúrà tó ti bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń to nǹkan padà, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn dọ́ọ̀kì, ẹ fi ṣájà sí ibi tí wọ́n kọ AC ADAPTER sí, ẹ fi HDMI sí HDMI OUT, ìgbẹ̀yìn ni kí Switch wọlé.

Ẹni tí wọ́n gbé Switch wá fún láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ka ohun kan sí i lára ṣájà rẹ̀, ìyẹn ìlà INPUT. Bó bá kọ 100-240V, kò sí ewu, púlọ́ọ̀gì nìkan ni yóò pààrọ̀. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ló kọ, ẹ má kì í bọ ògiri wa láéláé.

Bí ṣájà bá péye, tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, tí iná aláwọ̀ ewé ṣì kọ̀ láti tàn, ẹ pààrọ̀ wáyà HDMI lẹ́ẹ̀kan, nítorí wáyà tó já pátápátá lè mú kí dọ́ọ̀kì rò pé kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ rárá. Ẹ bọ́ ẹ̀wù rọ́bà tó wà lára Switch pẹ̀lú. Èyí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tó nípọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jókòó dé ìsàlẹ̀, orí USB-C inú dọ́ọ̀kì á wọlé ní ìdajì, iná á máa wọlé, àwòrán ò ní jáde.

Ìdajì yẹn ló gbé wa dé ibi tí ó tún ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá mú tọ́ọ̀ṣì tan sínú ihò ìsàlẹ̀ Switch, ẹ ó rí ahọ́n kékeré kan láàárín, àwọn eyín irin tín-ín-tín sì tò sí i lára, 12 lókè, 12 nísàlẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Mẹ́rin ló ń gbé iná wọlé, mẹ́rin mìíràn ló ń dá a padà, méjì ló wà fún ìdúnàádúrà tí mo sọ, mẹ́jọ sì ni ọ̀nà àwọn ohun tó ń sáré, tí àwòrán wà lára wọn. Nítorí náà eyín kan ṣoṣo lè tẹ̀ tàbí kí ìdọ̀tí bò ó lára àwọn mẹ́jọ yẹn, kí ẹ̀rọ sì máa gba iná bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá ní "ihò rẹ̀ dára, ó ń gba iná" kò tíì yẹ ihò náà wò.

Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí níbẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbọ̀n ọ́n jáde. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì tọ́ ọ, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń bá afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ tan iná sínú dọ́ọ̀kì náà, kí ẹ wo orí USB-C tó dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ sínú rẹ̀ ní wíwọ́ lè ti tẹ̀ ẹ́. Bí eyín kan bá ti dúdú bí ohun tó jóná, tàbí tó ti tẹ̀ kan èkejì rẹ̀, ẹ má tún fi iná sí i lára mọ́, nítorí èyí lè mú iná fólìtì 15 bọ́ sójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ bóyá dọ́ọ̀kì tàbí ẹ̀rọ ni ni láti yá ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí Switch yín bá ṣiṣẹ́ nínú dọ́ọ̀kì ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú ṣájà ọ̀rẹ́ yín, ẹ wá fi ṣájà tiyín sínú dọ́ọ̀kì tirẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, dọ́ọ̀kì yín ló ni ẹjọ́, òun ni ẹ ó sì pààrọ̀. Bí Switch yín bá kọ̀ nínú dọ́ọ̀kì tó dára, ara ẹ̀rọ ni.

Nínú ara ẹ̀rọ, ṣíìpù méjì ni àwọn tó ń tún Switch ṣe sábà máa ń fura sí. Orúkọ tó wà lára èkíní ni M92T36, òun ló ń bójú tó ìdúnàádúrà iná. Èkejì ni PI3USB30532, tó ń darí àwòrán gba ihò USB-C jáde, àwọn oníṣẹ́ sì ń pè é ní P13USB. Bí èkíní bá jóná, ẹ̀rọ kì í sábà gba iná dáadáa mọ́ rárá. Bí ó bá ń gba iná, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò kàn lè sọ̀rọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n, ihò tàbí èkejì ni ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ awò-amú-nǹkan-tóbi àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, kì í ṣe iṣẹ́ àyíká tábìlì oúnjẹ. Mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ bi oníṣẹ́ náà bóyá ó ti pààrọ̀ ihò USB-C Switch rí kó tó tú u, nítorí ẹni tó mọ ti fóònù dáadáa lè má tíì fọwọ́ kan èyí.

Ohun tó ń pa àwọn ṣíìpù wọ̀nyẹn nígbà púpọ̀ ni dọ́ọ̀kì gbàrọgùdù. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí Nintendo fi ètò tuntun 5.0.0 sínú Switch, àwọn èèyàn káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé dọ́ọ̀kì tí kì í ṣe ti Nintendo ti pa ẹ̀rọ wọn. Àwọn dọ́ọ̀kì kékeré tó dára ti wà lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní orúkọ, tí olówó rẹ̀ kò lè sọ iye fólìtì tó ń béèrè, èmi kì í jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó gidi rà.

Ẹjọ́ mìíràn kò tilẹ̀ ní àtúnṣe, ó sì bà mí nínú jẹ́ nígbà tí mo bá rí i, nítorí ọjà ni wọ́n ti tan olówó jẹ. Switch Lite tó jáde ní ọdún 2019 kò lè fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kò fi ohun tó ń ṣe é sínú rẹ̀, kò sí dọ́ọ̀kì tàbí wáyà tó lè yí èyí padà. Ẹ lè fi ojú dá a mọ̀: ó kéré, ọwọ́ ìdárí rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì wà lára rẹ̀ pátápátá, kò ṣe é yọ. Switch 2 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ní dọ́ọ̀kì tirẹ̀. Kì í lo ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ kì í sì í lo tirẹ̀. Ẹni tó bá ra dọ́ọ̀kì lọ́tọ̀ ní ọjà tokunbo gbọ́dọ̀ béèrè èyí kó tó sanwó.

Bó bá di dandan kí ẹ gbé Switch lọ fún oníṣẹ́, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe nílé. Ibi tí ọmọ bá géèmù dé, gbogbo ohun tó ti kó jọ níbẹ̀, inú ẹ̀rọ gan-an ló wà. Kò sí nínú káàdì géèmù, ẹ kò sì lè kó o sórí káàdì ìrántí microSD. Bí oníṣẹ́ bá pa ìrántí ẹ̀rọ rẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń sanwó fún Nintendo Switch Online lè fi ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ pa mọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì ní Switch kejì lè kó o bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ náà pẹ̀lú pé kó má ṣe pa ìrántí ẹ̀rọ rẹ́ láìbi yín, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ẹ rí fún un: bóyá ojú ẹ̀rọ ń ṣú nínú dọ́ọ̀kì, bóyá iná aláwọ̀ ewé ń tàn, irú ṣájà tí ẹ lò, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú dọ́ọ̀kì ẹlòmíràn.